Àṣìṣe wákàtí méjì, ìdádúró odidi ọjọ́: kí ló wà nídìí ẹ̀bẹ̀ ilé iṣẹ́ agbóúnjẹ ní Kàbà?

Ní alẹ́ Sátidé tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ àti ẹrù kéékèèké kiri Kàbà gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ jáde. Kò gùn rárá. Wọ́n ní "ìṣòro ẹ̀rọ díẹ̀" wáyé láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, pé ọ́dà "àwọn oníbàárà wa kan" pẹ́, pé àwọn ti tún un ṣe, ká má bínú. Wọ́n fi kóòdù ẹ̀dínwó ₦500 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó parí.

Ìwé yẹn ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ra oúnjẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé nǹkan bí aago márùn-ún ló rí i, ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bọ́ sáàárín mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Ẹlòmíràn ní alẹ́ ni tòun tó dé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé irọ́ ni ilé iṣẹ́ náà ń pa, pé gbogbo ọjọ́ ni ẹ̀rọ wọn fi bàjẹ́.

Èmi ò gbà pé irọ́ ni. Mo fi ọdún méjì jókòó sídìí iṣẹ́ pípín ọ́dà fún àwọn ráídà ní Ìlọrin kí n tó padà wálé, ojú mi sì ti rí i tí wákàtí méjì àárọ̀ jẹ ọjọ́ kan tán. Ìwé yẹn ní ẹ̀bi tirẹ̀ o, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn èèyàn ń nàka sí kọ́ ni ẹ̀bi náà wà.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́jọ́ náà. Ó ń se oúnjẹ tà nítòsí ọjà. Sátidé ni ọ́dà máa ń wọlé fún un jù, nítorí àwọn tó bá wálé wá sìnkú tàbí wá ṣe ìyàwó. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ike oúnjẹ méje ti tò sórí tábìlì, iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ooru ti di omi lábẹ́ ìdérí, ó ń kán padà sórí iyán. Ráídà méjì jókòó sórí ọ̀kadà wọn níta lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò ní wá gbé e ni?" Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú, kò tíì wọlé sórí fóònù wa. Tá a bá gbé e báyìí, wọn ò ní sanwó rẹ̀ fún wa."

Oúnjẹ ti jinná, ẹni tó máa gbé e ti wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ti sanwó. Kí ló wá dá a dúró?

Bí ètò wọn ṣe rí nìyí. Oníbàárà á yan oúnjẹ lórí áàpù, áàpù á fún un ní nọ́ńbà àkáùntì kan tó jẹ́ ti ọ́dà yẹn nìkan, òun náà á sì fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀ láti bánkì rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọ́dà á ti hàn sí ẹni tó ń se oúnjẹ, kí ìkòkò lè wà lórí iná kí owó tó dé. Ṣùgbọ́n ráídà ò ní rí nǹkan kan títí ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó á fi fi ìròyìn ránṣẹ́, láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, pé owó ọ́dà báyìí ti wọlé. Ìgbà yẹn ni ọ́dà á kúrò ní `Pending`, tí á di `Paid`, tí fóònù ráídà á sì dún. Lọ́jọ́ tó bá dára, gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Kí ọ̀bàyéjẹ́ kan má bàa máa fi ìròyìn èké ránṣẹ́ pé òun ti sanwó, ìròyìn kọ̀ọ̀kan máa ń gbé àmì àṣírí kan dání tí ilé iṣẹ́ méjèèjì jọ mọ̀. Ó dára kéèyàn máa pààrọ̀ irú àmì bẹ́ẹ̀ látìgbàdégbà, bí a ṣe ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ohun tí wọ́n sì ṣe láàárọ̀ Sátidé náà nìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gba owó, wọ́n gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Láti aago mẹ́sàn-án, gbogbo ìròyìn owó tó ń kanlẹ̀kùn ni kọ̀ǹpútà wọn ń fi `401 Unauthorized` lé padà, bí ìgbà tí onílé bá ní "mi ò mọ̀ ọ́ rí, máa lọ." Owó ń kúrò nínú àkáùntì oníbàárà, ọ́dà dúró gbọnin sójú kan.

Bó ṣe gba wákàtí méjì kí wọ́n tó mọ̀ ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, kò sì ya èmi lẹ́nu. Kò sí nǹkan tó kú. Áàpù ń ṣí, àwòrán oúnjẹ ń jáde, ọ́dà ń wọlé. Agogo tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń so mọ́ ẹ̀rọ wọn kì í dún àfi tí áàpù ò bá ṣí. Agogo tí wọn ò so ni èyí tí á máa ka iye ọ́dà tó wọlé àti iye tó jáde sọ́wọ́ ráídà. Ká ní ọ́dà ń wọlé tí ẹyọ kan ò jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí fóònù ẹnì kan sì dún nítorí ẹ̀, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọn ò bá ti mọ̀. Àwọn ráídà abẹ́ máńgòrò yẹn gan-an mọ̀ kí ọ́fíìsì tó mọ̀. Ara wọn ni wọ́n ń pè, wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ní aago mọ́kànlá, wọ́n rí i, wọ́n tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń gba owó tún gbogbo ìròyìn tí wọ́n lé padà fi ránṣẹ́, ọ́dà wákàtí méjì sì di `Paid` lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ẹni tó bá wà ní ọ́fíìsì lásìkò yẹn á rí i pé wàhálà ti tán. Àárín ìgboro ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ráídà 6 ni wọ́n ní lọ́jọ́ náà. Ìrìn kan, láti ibi tí wọ́n ti gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà àti àbọ̀ rẹ̀, máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ìyẹn ni pé gbogbo wọn lápapọ̀ lè gbé ọ́dà 12 ní wákàtí kan. Ọ́dà tó sì ń wọlé jẹ́ nǹkan bíi 10 ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé, wọ́n rọ́wọ́ mú, àyè díẹ̀ tún ṣẹ́ kù fún ráídà láti mu omi.

Fún wákàtí méjì, ohunkóhun ò jáde. Ọ́dà 20 ti kó jọ ní aago mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ráídà tó ń gbé 12 ní wákàtí kan á fi wákàtí méjì palẹ̀ 20 mọ́, kí ó sì tún sinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ́dà tuntun ò dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú 12 tí wọ́n lè gbé, 10 ti jẹ́ ti àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù láti fi yọ lára gbèsè ò ju 2 lọ ní wákàtí kan. Gbèsè 20, ẹ̀ ń san 2, wákàtí 10 ni. Láti aago mọ́kànlá àárọ̀, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ibi tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti bá aago mọ́kànlá àárọ̀ pàdé nìyẹn. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹni tó sanwó ní aago mẹ́sàn-án dúró fún wákàtí méjì kí ráídà tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tó sanwó ní aago mọ́kànlá géérégé bá ogún èèyàn níwájú, á dúró fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́rin, gbèsè ti dín sí 10, ẹni tó bá ra nǹkan lásìkò náà á dúró fún àádọ́ta ìṣẹ́jú lórí ohun tí kò ní kàn án rárá lọ́jọ́ mìíràn. Ní aago méje alẹ́, ogún ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ ń bàjẹ́ fún ní aago mẹ́rin. Wọ́n ń san gbèsè àárọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn ni.

Ìṣirò yẹn pàápàá dára ju ohun tójú rí lọ. Ó gbà pé ìrìn kan á ṣì máa gba ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ kì í dákẹ́. Á pe ráídà pé "níbo lo dé?", ráídà á dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti gbé ìpè. Ìpè mìíràn á tún wọlé. Tó bá dé ibi oúnjẹ, wọ́n á ní kó dúró kí wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná. Ilé tó sì wà "lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ bá ti rí géètì aláwọ̀ ewé" gba sùúrù lọ́jọ́ tí orí pé, ká má tiì sọ ti ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń bínú. Ká ní gbogbo èyí fi ìṣẹ́jú 6 péré kún ìrìn kan, tó di ìṣẹ́jú 36. Ráídà 6 ò lè gbé ju ọ́dà 10 lọ ní wákàtí kan mọ́, iye kan náà pẹ̀lú èyí tó ń wọlé. Gbèsè 20 yẹn ò ní dín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí wọ́n nílò agbára ráídà jù lọ ni agbára náà ń dín kù. Ọ́dà tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà dé ilé onílé ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú alẹ́, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án tí ìṣirò wí.

Àwọn kan ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú. Wọ́n rí `Pending` títí, wọ́n rò pé owó ò lọ, wọ́n tún ọ́dà náà ṣe. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tú jáde, iyán méjì ń lọ sílé kan náà, ráídà ń fi ìrìn ṣòfò. Wọ́n lè ti fi ojú rí irú èyí: nọ́ńbà fóònù kan náà, oúnjẹ kan náà, láàárín wákàtí kan. Ìpè kan ṣoṣo ì bá ti yanjú rẹ̀.

Ẹ̀bi tí mo ní wọ́n jẹ nìyí: wọn ò ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti rí i ní aago mọ́kànlá pé ọ́dà 20 ti kó jọ, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n lè tẹ̀ kí áàpù sọ fún ẹni tó bá wọlé pé "a ò gba ọ́dà báyìí, ẹ padà wá ní aago kan." Láìsí ọ́dà tuntun, ráídà 6 á gbé 20 yẹn tán láàárín wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Kí aago kan tó lù, ọjọ́ ì bá ti padà sípò, àwọn oníbàárà ọ̀sán àti ti alẹ́ ò bá má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ á pàdánù nǹkan bí ọ́dà 17 láàárín wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú yẹn. Owó yẹn ni wọn ò fẹ́ pàdánù, wọ́n wá fi orúkọ wọn rọ́pò rẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí èmi náà ṣe é rí ní Ìlọrin. Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Má tì í, wọ́n á bá a." Wọn ò bá a. Agogo méjìlá òru ni mo wọlé.

Ẹ wá padà sí ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwé Sátidé ò mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi. "Ìṣòro ẹ̀rọ díẹ̀" mú kó dà bíi pé ẹ̀rọ ló fúnra rẹ̀ ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló pààrọ̀ àmì tí kò pààrọ̀ rẹ̀ tán. "Àwọn oníbàárà wa kan" tún burú jùyẹn lọ. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di alẹ́, gbogbo ẹni tó ra nǹkan ni ọ́dà rẹ̀ pẹ́, yálà púpọ̀ tàbí díẹ̀. Wákàtí méjì tí wọ́n sì kọ, aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, òótọ́ ni fún kọ̀ǹpútà. Oníbàárà ò sí nínú kọ̀ǹpútà, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ti ń ka tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ á ka wákàtí tí èèyàn fi dúró, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ fi bàjẹ́.

Kóòdù ₦500 yẹn ńkọ́? Ó ṣeé lò fún ọ́dà tó bá tó ₦5,000, ó sì máa kú lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ná ₦4,500 sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ kó tó rí ẹ̀dínwó náà gbà. Ìpolówó ọjà lẹ jẹ́ kí n pe ìyẹn. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 sọ pé ẹni tó sanwó fún iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe é lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ bá máa wà. Bí iṣẹ́ náà ò bá dáa tó, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá apá kan owó rẹ̀ padà. "Tètè sọ" ni kí ẹ fojú sí níbẹ̀. Alẹ́ ni ìwé Sátidé jáde, lẹ́yìn tí ebi ti pa èèyàn tán. Gbólóhùn kan lórí áàpù ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, pé "ọ́dà yín á pẹ́ tó wákàtí méjì, ẹ lè fagi lé e kí ẹ gba owó yín," ì bá ti wúlò ju ìwé alẹ́ mẹ́wàá lọ.

Ìtàn kan wà tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń sọ. Ní 2013, nígbà tí DoorDash, ilé iṣẹ́ agbóúnjẹ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ìdíje bọ́ọ̀lù kan wáyé ní Yunifásítì Stanford, ọ́dà ya bò wọ́n, gbogbo rẹ̀ sì pẹ́. Wọ́n dá owó gbogbo oníbàárà alẹ́ ọjọ́ náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tó wà ní bánkì wọn. Wọ́n fi òru yan bisikíìtì, wọ́n sì gbé e lọ fún àwọn oníbàárà náà ní ìdájí. Bisikíìtì ni àwọn èèyàn máa ń rántí nínú ìtàn náà. Owó ló jọ mí lójú. Owó tó padà sí bánkì oníbàárà kò ní ọjọ́ tó máa kú, kò sì ní kí ó tún wá ra nǹkan.

Ìwé kejì jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ló sì jẹ́ kí n lè kọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ti kà yìí. Ó sọ ọ̀rọ̀ àmì tí wọn ò pààrọ̀ tán, ó sọ pé èèyàn wọn ló gbàgbé, kò dárúkọ ẹni náà, ìyẹn sì dára. Ó kọ aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú alẹ́ sílẹ̀ bí òpin ọ̀rọ̀ náà. Ó ní gbogbo ẹni tó sanwó lẹ́ẹ̀mejì á rí owó rẹ̀ gbà, àti pé owó ìrìn ọ̀kadà gbogbo ọ́dà ọjọ́ náà máa padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Wọ́n ti so agogo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ìwé èèyàn ni èyí. Ohun tí mi ò rí nínú rẹ̀ ni ilẹ̀kùn. Wọn ò sọ iye ọ́dà tó gbọ́dọ̀ kó jọ kí áàpù tó ti ara rẹ̀, wọn ò sì sọ ẹni tó láṣẹ láti tì í láìkọ́kọ́ pe ọ̀gá. Bí àmì ò bá fà á lọ́jọ́ mìíràn, òjò á fà á, tàbí ráídà méjì tí ò wá síbi iṣẹ́. Ìṣirò náà ò bìkítà nípa ohun tó dá ráídà dúró.

Wọn ò sì sọ ti àwọn ráídà. Bí a bá ka ìrìn, owó tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dín, nítorí pé ìrìn tí wọn ò rìn láàárọ̀ ni wọ́n rìn títí di alẹ́. Èébú tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé ni kò sí owó kankan fún. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́ máńgòrò yẹn sọ fún mi pé òun ò jẹun láti aago mọ́kànlá títí òun fi gbé ọ́dà tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ló wà lẹ́yìn òun ní gbogbo ìgbà náà.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ike méje ìsáàjú yẹn, ó tún iyán mẹ́rin gún nínú wọn, nítorí iyán tó ti mu omi ò ṣeé gbé fún èèyàn. Nínú mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ bẹ́ẹ̀, méjì padà wálé. Mo ka ìwé Mọ́ńdè fún un látòkè délẹ̀. Ó ń gé iṣu lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó dáa. Iyán mẹ́rin mi ńkọ́, ojú ewé wo ló wà?"